Áígẹ́nfálù Jakóbíánì àti ibi ìdúró: ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi wá, pẹ̀lú ìdáhùn

Àwa tá a ń ṣe máàtì l'Abẹ́òkúta níbí, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ máa ń wá bá wa pẹ̀lú ìdọ́gba méjì mẹ́ta lọ́wọ́, wọ́n á ní àwọn ti rí ibi tí nǹkan dúró sí, ṣùgbọ́n àwọn ò mọ̀ bóyá ó máa dúró pẹ́ níbẹ̀. Ìbéèrè yẹn ló dára jù, òun la sì fẹ́ dáhùn. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo la máa lò látòkè dé ìsàlẹ̀: kòkòrò funfun tó ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ àti agbọ́n kékeré tó ń pa á.

Kí ló dé tó jẹ́ kòkòrò ẹ̀gẹ́ lẹ mú?

Torí ó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa. Kòkòrò yìí, tó máa ń rọ̀ mọ́ ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ funfun báláú bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i lára, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wọ Áfíríkà láyé 1970 sí i, ó sì ń run oko tọwọ́ tẹsẹ̀. Àwọn IITA n'Ìbàdàn lọ wá agbọ́n tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ níbi tó ti wá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní 1981. Agbọ́n náà máa ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò, ọmọ á wá jẹ ẹ́ láti inú. Ó dẹ ṣiṣẹ́. Ìbéèrè tó wá kù fún onímáàtì ni pé: tí kòkòrò àti agbọ́n bá ti wà pọ̀ ní iye kan tí ò pọ̀ sí i tí ò dín kù, tí òjò ńlá kan wá pa ìdajì agbọ́n, ṣé wọ́n á padà sí iye yẹn ni àbí gbogbo ẹ̀ á dàrú?

Kí ni ibi ìdúró gan-an?

Ibi tí gbogbo ìyípadà ti di òdo ni. Ẹ pe iye kòkòrò ní x, iye agbọ́n ní y, kí K jẹ́ iye kòkòrò tí oko náà lè bọ́ tí ò bá sí agbọ́n rárá. A lè kọ ọ́ báyìí:

```
x' = x(1 - x/K) - xy/(1+x)
y' = y( x/(1+x) - 1/2 )
```

x' ni bí kòkòrò ṣe ń pọ̀ sí i tàbí dín kù, y' ni ti agbọ́n. Apá xy/(1+x) ni iye kòkòrò tí agbọ́n ń pa, a sì fi 1+x pín in torí agbọ́n kan ò lè yé ẹyin sínú gbogbo kòkòrò tó bá rí lójúmọ́, ó níbi tí agbára ẹ̀ mọ. 1/2 yẹn ni bí agbọ́n ṣe ń kú. Ẹ jọ̀ọ́, a mú àwọn nọ́ńbà yìí kí ìṣirò lè rọrùn ni o, ẹnikẹ́ni ò wọ̀n wọ́n l'óko.

Tí ẹ bá fi y' ṣe òdo tí agbọ́n ò sì tán, x/(1+x) = 1/2, ìyẹn x = 1. Ẹ fi 1 yẹn sínú ìdọ́gba àkọ́kọ́, ẹ máa rí i pé y = 2(1 - 1/K). Tí K bá jẹ́ 2, ibi ìdúró ni x = 1, y = 1. Ẹ wo ohun kan tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu: x ò tẹ̀lé K rárá. Bó ti wù kí oko dára tó, iye kòkòrò níbi ìdúró ò yí padà, agbọ́n nìkan ló ń pọ̀ sí i.

Tí mo bá ti rí ibi ìdúró, kí ni Jakóbíánì tún wá fẹ́ ṣe?

Pé nǹkan dúró síbì kan ò sọ pé ó máa padà síbẹ̀ tí wọ́n bá tì í. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù kékeré sínú igbá, ẹ tì í, á padà sísàlẹ̀. Ẹ dojú igbá kan náà délẹ̀, ẹ gbé bọ́ọ̀lù sórí ẹ̀ jẹ́jẹ́, ó lè dúró, ṣùgbọ́n atẹ́gùn díẹ̀ ló máa gbé e lọ. Ibi ìdúró ni méjèèjì. Jakóbíánì ló ń jẹ́ ká mọ èyí tá a wà nínú ẹ̀.

Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń bèèrè pé tí x bá yẹ̀ díẹ̀ kúrò níbi ìdúró, báwo ni x' ṣe máa yí, báwo ni y' ṣe máa yí, tí y náà bá yẹ̀ ńkọ́. Ìdáhùn mẹ́rin nìyẹn, a tò wọ́n sínú mátíríìsì méjì-sí-méjì. Nítòsí ibi ìdúró, ìdọ́gba wa tó wọ́ tó lọ́ á máa ṣe bí ìdọ́gba tó tọ́ bí okùn tí wọ́n fà, mátíríìsì yẹn ló sì ń darí ẹ̀.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra gan nìyí: ibi ìdúró gangan lẹ ti máa fi nọ́ńbà sínú ẹ̀, kì í ṣe ibòmíì. Àwọn kan á ṣe dẹrifátíìfù dáadáa, wọ́n á wá fi iye tí wọ́n rí l'óko lọ́sẹ̀ yẹn sínú ẹ̀. Áígẹ́nfálù tó bá jáde níbẹ̀ ò sọ nǹkan kan nípa ìdúróṣinṣin, torí níbẹ̀ sísítẹ́ẹ̀mù náà ṣì ń rìn lọ fúnra ẹ̀.

Áígẹ́nfálù wá ńkọ́, kí ló ń sọ?

Tí ẹ bá ti ní mátíríìsì J, áígẹ́nfálù ẹ̀ ni àwọn nọ́ńbà λ tó máa ń jẹ́ kí ìyẹ̀sẹ̀ náà, ìyẹn bí x àti y ṣe jìnnà sí ibi ìdúró tó, máa rìn bí e^(λt) bí àkókò ṣe ń lọ. Ẹ wo e^(λt) yẹn dáadáa torí inú ẹ̀ ni gbogbo òfin ti jáde. Tí λ bá jẹ́ nẹ́gétíìfù, ó ń kéré sí i títí á fi parẹ́. Tó bá jẹ́ pọ́sítíìfù, ó ń tóbi sí i. Tí λ bá wá ní apá gidi àti apá i, bíi a ± bi, apá gidi a ló ń sọ bóyá ó ń kéré tàbí ó ń tóbi, b kàn ń sọ bó ṣe ń yí ká ni, pé nǹkan á máa lọ sókè sódò, ó sì ń sọ bó ṣe ń yá tó.

Òfin náà nìyí: tí apá gidi gbogbo áígẹ́nfálù bá jẹ́ nẹ́gétíìfù, ibi ìdúró náà dúró ṣinṣin, tí ẹ bá tì í díẹ̀ á padà. Tí ẹyọ kan péré bá ní apá gidi tó jẹ́ pọ́sítíìfù, ò dúró ṣinṣin, kódà kí àwọn yòókù jẹ́ nẹ́gétíìfù gidigidi, torí ìtì èyíkéyìí tó bá ní ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ọ̀nà yẹn á máa tóbi. Tí kò bá sí pọ́sítíìfù kankan ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá jẹ́ òdo ní apá gidi, ẹ dúró ná, a ní ìbéèrè kan fún ìyẹn nísàlẹ̀. Lyapunov, ará Rọ́ṣíà, ló fẹsẹ̀ òfin yìí múlẹ̀ ní 1892.

Ẹ ṣe é fún wa pẹ̀lú nọ́ńbà, K = 2.

Ó dáa. Ẹ ṣe dẹrifátíìfù ìdọ́gba méjèèjì, ẹ fi x = 1, y = 1 sí i. Èyí tó wà lókè lápá òsì ni 1 - 2x/K - y/(1+x)², ìyẹn 1 - 1 - 1/4, ó jẹ́ -1/4. Èyí tó wà lókè lápá ọ̀tún ni -x/(1+x), -1/2 nìyẹn. Nísàlẹ̀ lápá òsì, y/(1+x)² = 1/4. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, òdo, torí níbi ìdúró ohun tó wà nínú àkámọ́ y' ti di òdo tẹ́lẹ̀.

```
J = [ -1/4   -1/2 ]
    [  1/4     0  ]
```

Fún mátíríìsì méjì-sí-méjì ẹ ò nílò wàhálà púpọ̀. Ẹ ro àwọn méjì tó wà lórí ìlà láti òkè òsì sí ìsàlẹ̀ ọ̀tún pọ̀, a ń pè é ní tíréésì: -1/4 + 0 = -1/4. Ẹ wá ditámínáǹtì: (-1/4)(0) - (-1/2)(1/4) = 1/8. Áígẹ́nfálù ni ìdáhùn λ² + λ/4 + 1/8 = 0, tí í ṣe λ = -0.125 ± 0.331i.

Apá gidi jẹ́ -0.125, nẹ́gétíìfù, nítorí náà ó dúró ṣinṣin. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ síbẹ̀, nọ́ńbà yẹn ń sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. 0.331 ń sọ pé kòkòrò àti agbọ́n á máa lọ sókè sódò, ìyípo kan á gba 2π/0.331, bí ìwọ̀n àkókò 19. Láàárín ìyípo kan yẹn, ìyẹ̀sẹ̀ náà á ti fi e^(-0.125 × 19) kéré, ìyẹn ni pé ó máa ku nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Àgbẹ̀ tó bá ń kà á á rí i tí kòkòrò pọ̀, tí agbọ́n tẹ̀lé e, tí kòkòrò dín kù, tí agbọ́n náà dín kù, lẹ́ẹ̀kejì ó ti rọlẹ̀ gan.

Ẹ tún kíyè sí nǹkan kan: ẹni tó bá wo òdo tó wà nísàlẹ̀ ọ̀tún á rò pé áígẹ́nfálù kan jẹ́ òdo nìyẹn. Rárá o. Àwọn nọ́ńbà ìlà yẹn máa ń jẹ́ áígẹ́nfálù nígbà tí òdo bá kún gbogbo òkè ẹ̀ tàbí gbogbo ìsàlẹ̀ ẹ̀ nìkan.

Ibi ìdúró yìí nìkan ló wà ni?

Ó ku méjì. Ọ̀kan ni oko tí ò ní nǹkan kan, x = 0, y = 0. Jakóbíánì ẹ̀ ní 1 àti -1/2 lórí ìlà, òdo láwọn ibi yòókù, nítorí náà 1 jẹ́ pọ́sítíìfù: kòkòrò díẹ̀ tó bá wọlé á gbilẹ̀. Ìkejì ló ṣe pàtàkì sí ẹni tó fẹ́ tú agbọ́n sílẹ̀: x = K, y = 0, kòkòrò ti kún oko, agbọ́n ò sí. Áígẹ́nfálù méjèèjì níbẹ̀ ni -1 àti K/(1+K) - 1/2. Tí K = 2, èkejì jẹ́ 2/3 - 1/2 = 1/6. Pọ́sítíìfù! Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tí ẹ bá tú agbọ́n díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á pọ̀ sí i fúnra wọn. Tí K bá kéré sí 1, ó di nẹ́gétíìfù, agbọ́n á kú tán, bóyá ẹ tú díẹ̀ tàbí púpọ̀. Nítorí náà "kò dúró ṣinṣin" kì í ṣe ìròyìn burúkú nígbà gbogbo, níbí yìí òun gan-an là ń wá.

Tí oko bá wá dára sí i, K = 5 ńkọ́? Ó yẹ kó túbọ̀ dúró, àbí?

Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí. Tí K = 5, x ṣì jẹ́ 1, y jẹ́ 1.6. Òkè òsì di (K-3)/(2K) = 0.2, ìsàlẹ̀ òsì di 0.4, àwọn méjì yòókù ò yí. Tíréésì 0.2, ditámínáǹtì 0.2, λ = 0.1 ± 0.436i. Apá gidi ti di pọ́sítíìfù, ìyípo náà á máa tóbi sí i ni.

Ìdí ẹ̀ wà nínú nọ́ńbà òkè òsì yẹn. Ó ń bèèrè pé tí kòkòrò bá pọ̀ díẹ̀ sí i, ṣé ìbísí wọn á fà sẹ́yìn ni àbí á yára sí i. Nígbà tí K kéré, oúnjẹ ò tó, wọ́n á fà sẹ́yìn, nọ́ńbà náà jẹ́ nẹ́gétíìfù. Nígbà tí K tóbi, oúnjẹ ò dí wọn lọ́wọ́, agbọ́n ló yẹ kó dí wọn, ṣùgbọ́n agbọ́n ti ń ṣiṣẹ́ débi tí agbára ẹ̀ mọ, bí kòkòrò bá ṣe ń pọ̀ ni ewu tó ń wu ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń dín kù, ni wọ́n bá ń pọ̀ lọ. Rosenzweig kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Science ní 1971: fífi oúnjẹ kún oúnjẹ lè ba ìdúróṣinṣin jẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé kòkòrò á wá pọ̀ láìlópin o. Áígẹ́nfálù ń sọ pé wọ́n á kúrò níbi ìdúró, kò sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Nínú ìdọ́gba yìí wọ́n á bọ́ sínú ìyípo kan tí ò ní parí, sókè sódò, tí títóbi ẹ̀ ò sì ní yí padà mọ́. Tí K bá tóbi gan, ìsàlẹ̀ ìyípo yẹn á sún mọ́ òdo débi pé l'óko gidi, ọ̀dá kékeré kan lè pa wọ́n tán.

Tó bá wá jẹ́ K = 3 gẹ́lẹ́, apá gidi jẹ́ òdo. Ṣé ó dúró ṣinṣin àbí kò dúró?

Áígẹ́nfálù ò lè sọ fún yín. Mo mọ̀ pé ó máa ń bí àwọn èèyàn nínú, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ wo méjì yìí: x' = -x³ àti x' = x³. Níbi x = 0 Jakóbíánì àwọn méjèèjì jẹ́ òdo, ẹ ò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, bẹ́ẹ̀ sì ni àkọ́kọ́ ń padà sí òdo tí ìkejì ń sá lọ. Ohun tó ń ṣe ìdájọ́ wà nínú àwọn apá tí Jakóbíánì ti jù nù. Ìwé tó bá kọ "apá gidi = òdo, nítorí náà á máa yí ká títí láé" ti sọ jù bó ṣe mọ̀ lọ.

Fún oko wa, tí wọ́n bá gbé ìṣirò kọjá Jakóbíánì, ó jáde pé ní K = 3 wọ́n ṣì ń padà síbi ìdúró, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Ẹ fi x' = -x³ wo bí ìlọ́ra yẹn ṣe máa ń rí: tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti 0.1, lẹ́yìn ìwọ̀n àkókò 50 ẹ ṣì wà ní 0.071. Apá gidi -0.125 á ti sọ 0.1 kan náà di nǹkan bí 0.0002.

Mo ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, áígẹ́nfálù nẹ́gétíìfù, síbẹ̀ gbogbo ẹ̀ ń fò sókè. Ta ló ń parọ́?

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé áígẹ́nfálù yẹn tọ̀nà:

```python
import numpy as np
K = 2
J = np.array([[(K-3)/(2*K), -0.5],
              [(K-1)/(2*K),  0.0]])
print(np.linalg.eigvals(J))
```

Ó yẹ kó fún yín ní -0.125 àti 0.3307 pẹ̀lú j, tí Python fi ń kọ i. Tó bá bára mu, ẹ wo ìgbésẹ̀ àkókò tẹ́ ẹ lò. Ọ̀pọ̀ ló ń lo ọ̀nà Euler, tí wọ́n kàn ń fi h × x' kún x léraléra, h ni ìgbésẹ̀ àkókò yẹn. Ọ̀nà yẹn máa ń sọ λ di 1 + hλ, èyí sì gbọ́dọ̀ ní ìtóbi tó kéré sí 1 kó tó lè kéré sí i. Fún λ wa, ó béèrè pé kí h kéré sí 2. Tí ẹ bá fi h = 3, ìtóbi 1 + hλ di nǹkan bí 1.17, ẹ máa rí ìyípo tó ń tóbi, ìgbésẹ̀ yín ló sì ń dá a sílẹ̀, kì í ṣe kòkòrò. Ẹ dín h kù sí ìdajì, ẹ tún un ṣe. Tí àwòrán bá yí padà pátápátá, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Tí ẹ bá sì wà ní K = 3, kọ̀ǹpútà lè kọ nǹkan bíi 1e-17 sí apá gidi fún yín. Ẹ má ka àmì ìròkún tàbí ìyọkúrò tó wà níwájú ẹ̀, àṣẹ́kù ìṣirò ni, òdo ni kẹ́ ẹ kà á sí.

Dátà mi, ìran kòkòrò kan lẹ́yìn èkejì ni mo kà. Ṣé òfin kan náà ni?

Rárá, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Tí ìdọ́gba yín bá jẹ́ "iye ìran tó ń bọ̀ = nǹkan kan lára iye ìran yìí," ìyẹ̀sẹ̀ ò rìn bí e^(λt) mọ́, ó ń rìn bí λ tá a fi ara ẹ̀ ṣe ìsọdipúpọ̀ léraléra. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni ìtóbi λ, bóyá ó kéré sí 1. λ = 0.5 dúró ṣinṣin níbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pọ́sítíìfù, λ = -1.5 ò sì dúró ṣinṣin bó tilẹ̀ jẹ́ nẹ́gétíìfù.

Ìdọ́gba Nicholson àti Bailey ti 1935, tó jẹ́ ti kòkòrò àti agbọ́n bíi tiwa gẹ́lẹ́, irú yìí ni. Tí kòkòrò bá ń di ìlọ́po méjì níran kọ̀ọ̀kan nígbà tí ò sí agbọ́n, áígẹ́nfálù ibi ìdúró ẹ̀ jẹ́ 0.847 ± 0.818i, ìtóbi ẹ̀ 1.18. Ó ju 1 lọ. Iye ìlọ́po yòówù kẹ́ ẹ fi sí i, níwọ̀n ìgbà tó bá ti ju 1, ibi ìdúró yẹn ò ní dúró ṣinṣin láé.

Gbogbo ẹ̀ nẹ́gétíìfù, ìgbésẹ̀ mi kéré, síbẹ̀ ó kọ́kọ́ tóbi kó tó kéré. Ṣé ìyẹn ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹ mú mátíríìsì tó ní -1 àti 10 lókè, òdo àti -2 nísàlẹ̀. Áígẹ́nfálù ẹ̀ -1 àti -2, kò sí iyèméjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo fún àkọ́kọ́ àti 1 fún ìkejì. Àkọ́kọ́ á rìn bí 10(e^(-t) - e^(-2t)), tó gòkè dé 2.5 nígbà tí t jẹ́ nǹkan bí 0.69, kó tó máa sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹ̀sẹ̀ 1 ti di 2.5 nínú sísítẹ́ẹ̀mù tí áígẹ́nfálù ní ó dúró ṣinṣin, torí òun ń sọ nípa ìgbẹ̀yìn, kò ṣèlérí nǹkan kan nípa ọ̀nà.

Ó ṣe pàtàkì torí ìdájọ́ Jakóbíánì ò kọjá àdúgbò ibi ìdúró. Tí ìtì kékeré bá kọ́kọ́ wú di ńlá, ó lè gbé yín kúrò ládùúgbò yẹn sí ibi tí ìdọ́gba tó wọ́ tó lọ́ ti ń darí yín lọ síbòmíì, tẹ́ ẹ ò sì ní padà. Àmì tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ ni kẹ́ ẹ ro J àti J tẹ́ ẹ dojú ẹ̀ dé, kí ìlà òkè di òpó òsì, pọ̀, kẹ́ ẹ pín in sí méjì, kẹ́ ẹ wá áígẹ́nfálù ìyẹn. Tí èyí tó tóbi jù nínú ẹ̀ bá ju òdo lọ, ìtì kan wà tó máa kọ́kọ́ wú. Fún mátíríìsì òkè yìí ó jẹ́ nǹkan bí 3.5. Fún oko wa ní K = 2, ó jẹ́ 0.05 péré, nítorí náà wíwú wà, ṣùgbọ́n ó kéré gan.